Ẹ má ju ẹgbẹ̀rún márùn-ún sílẹ̀ fún agbowó-gbèsè kí ẹ tó ka ọdún

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kòkó tó ń dúdú lórí igi lẹ ń retí lọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó ń bí mi nínú, èmi gan-an sì wà lára àwọn tó jẹ̀bi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "ẹ ju nǹkan díẹ̀ sílẹ̀" ni.

Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Agbowó-gbèsè kan á gun ọ̀kadà wọ abúlé, á mú fáìlì dání, á ní gbèsè àtijọ́ kan wà lọ́rùn bàbá. Ariwo á sọ. Alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù á dá sí i, àwa òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn náà á dá sí i, ohun kan náà ni gbogbo wa á sì máa sọ: "Bàbá, ẹ ju nǹkan díẹ̀ sílẹ̀ fún un, kó máa lọ." A rò pé à ń làjà ni. Mo ń sọ ọ́ lónìí pé ìmọ̀ràn burúkú ni. Kí ẹnikẹ́ni má gbà á mọ́ láìjẹ́ pé ó ti ka ọdún orí gbèsè náà.

Òfin kan wà ní ìpínlẹ̀ wa tí àwọn lọ́yà ń pè ní Limitéṣọ̀n Lọ́ọ̀. Láti ayé Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà àtijọ́ la ti jogún rẹ̀, kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Ohun tó sọ kò le. Ẹni tó yá èèyàn lówó lórí àdéhùn lásán ní ọdún mẹ́fà láti gbé e lọ sí kóòtù. Ọjọ́ tó yẹ kí owó wọlé tí kò wọlé ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún mẹ́fà bá kọjá tí olówó ò pe ẹjọ́, tí ẹni tó jẹ gbèsè sì sọ fún kóòtù pé àkókò ti kọjá, kóòtù ò ní bá olówó gbà á mọ́. (Gbèsè tí wọ́n fi ilẹ̀ tàbí ilé dúró fún nínú ìwé yàtọ̀, gbèsè tí kóòtù ti dájọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà yàtọ̀. Ẹ má fi ohun tí mò ń sọ yìí wọn ìyẹn o.)

Ṣùgbọ́n ohun méjì lè mú kí kíkà náà bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Èkíní ni kí ẹni tó jẹ gbèsè san nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Èkejì ni kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú pé òun ṣì jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. Owó tàbí ìwé ni wọ́n ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá kan tí oko kòkó rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Òrè, téèyàn bá jáde nílùú Oǹdó. Ní March 2014, bàbá yá ₦180,000 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan tí mi ò ní dárúkọ. Ó fi ra oògùn kòkó àti ẹ̀rọ ìfínko. Àdéhùn ni pé bí wọ́n bá ti ta kòkó tán lọ́dún náà, ó pẹ́ tán 31 December 2014, kí owó ti pé. Kòkó ọdún náà ò ṣe dáadáa, bàbá ò rí san. Bí a bá kà á látibẹ̀, ìparí 2020 ni ọdún mẹ́fà pé. Ṣùgbọ́n ní 10 June 2016, bàbá san ₦20,000, rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Owó yẹn tún kíkà bẹ̀rẹ̀, ó sún un lọ sí 10 June 2022. Kò sóhun tó burú ní tìyẹn. Gbèsè ṣì wà láàyè nígbà náà, ó sì san nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé-iṣẹ́ náà dákẹ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí ìpè, kò sí ẹjọ́. June 2022 kọjá. Bí wọ́n bá pe bàbá lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo látẹnu lọ́yà rẹ̀ ló máa fòpin sí i.

Ní February 2024 ni agbowó-gbèsè dé. Ó ní pẹ̀lú èlé, owó ti di ₦412,000. Bàbá figbe ta. Ni ọkùnrin náà bá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé nǹkan le, òun ò bèèrè gbogbo ẹ̀, kí bàbá sáà fi ₦5,000 hàn pé èèyàn dáadáa lòun, kó sì tẹ̀ka síbi ìwé kékeré kan káwọn ọ̀gá òun lè mọ̀ pé òun wá. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ oògùn ló gbé mi lọ. Èmi àti alága la ní kí bàbá ṣe é. Ó ṣe é.

Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni pé bàbá gbà pé òun jẹ ₦412,000, òun á sì san án. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́tà lọ́yà dé. Mo mú bàbá lọ bá lọ́yà kan ní Àkúrẹ́. Nígbà tó ka ìwé náà tán, ó bi mí pé, "Ta ló ní kí bàbá yìí sanwó?" Mi ò lè dáhùn. Ó ní owó yẹn àti ìka yẹn, méjèèjì ni ilé-iṣẹ́ náà máa gbé síwájú adájọ́ pé February 2024 ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún. Gbèsè tí kóòtù ti ń kọ̀yìn sí tún padà ní ẹsẹ̀ títí di 2030. Ohun tí lọ́yà ń jà lé lórí báyìí ni pé wọn ò ka ìwé náà sétí bàbá kó tó tẹ̀ka, àti pé èlé yẹn kò bá àdéhùn mu. Ìjà tí kò yẹ kó wáyé rárá ni.

Ẹ rí i, ₦5,000 kọ́ ni ọkùnrin yẹn wá gbà. Epo ọ̀kadà rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Déètì ló wá gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbèsè tó bá ti gbó ni wọ́n máa ń tọrọ owó kékeré lé lórí. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ jẹ́ ti èṣí, gbogbo owó ni wọ́n máa ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní gbèsè kì í jẹrà, pé mò ń kọ́ àgbẹ̀ lólè. Àwọn baba wa mọ gbèsè gbà lóòótọ́. Wọ́n máa ń rán ológò lọ jókòó sílé onígbèsè, á máa pa adìẹ ilé jẹ títí tí wọ́n á fi san án. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni ológò ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀. Kò fi ₦5,000 tan ẹnikẹ́ni kó fi ìka tẹ ohun tí kò lè kà. Ẹ sì jẹ́ ká béèrè: kí ni olówó ń ṣe fún ọdún mẹ́fà? Àgbẹ̀ ti sọ rìsíìtì nù, ẹlẹ́rìí ti kú, òṣìṣẹ́ tó kọ owó sílẹ̀ ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, èlé nìkan ni kò kú. Torí irú èyí ni òfin ṣe fi gbèdéke sí i.

Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má sanwó tó jẹ o. Òfin kò pa gbèsè rẹ́, ilẹ̀kùn kóòtù ló tì. Bí ọkàn ẹ bá ní kí ẹ san án, ẹ san án. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó pẹ̀lú wọn, ẹ dúnàádúrà iye kan tó máa parí gbogbo rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé iye yìí ló parí gbèsè náà pátápátá, kí owó tó jáde lápò yín. Owó tó parí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí owó tó tún ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú ọba lè sọ fún yín pé sísan díẹ̀ ò lè jí gbèsè tó ti kú dìde. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, níbi tí wọ́n wà. Òfin ọdún 1980 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ketekete pé ẹ̀tọ́ tí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá, kò sí owó tàbí ìwé tó lè sọ ọ́ jí mọ́. Ṣùgbọ́n òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1939 ni wọ́n wò kọ tiwa, gbólóhùn yẹn ò sì sí nínú ìyẹn. Ìpínlẹ̀ Niú Yọ́ọ̀kì ní Amẹ́ríkà náà tún tiwọn ṣe, láti 2022 sísan díẹ̀ ò jí gbèsè oníbàárà dìde níbẹ̀ mọ́. Òfin ìpínlẹ̀ lèyí, kì í ṣe ti Àbújá. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tó wà ní Àkúrẹ́ lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo kún un. Kílódé tí wọn ò tíì ṣe é? Àwọn tó bá ń wá ìbò ní abúlé kòkó, ẹ bá mi bi wọ́n.

Títí di ìgbà náà, bí agbowó-gbèsè bá dé, ẹ bi í ní ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ tó yẹ kí owó pé, ọjọ́ tí ẹ san kẹ́yìn, ọjọ́ tí ẹ buwọ́ lùwé kẹ́yìn. Èyí tó bá sún mọ́ wa jù nínú wọn, ibẹ̀ lẹ ti máa ka ọdún mẹ́fà. Bó bá ti kọjá, ẹ ní kó fi ẹ̀dà ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó fi han lọ́yà. Ẹ má fún un lówó, ẹ má tẹ̀ka, ẹ má sì jẹ́ kọ́mọ yín bá yín kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé "ẹ fún wa lásìkò, a máa san". Bó bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn àti òfin ọlọ́pàá ti 2020, méjèèjì ló ní wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn torí gbèsè tàbí àdéhùn lásán.

Èyí tó kù ló máa ń ṣe àwọn èèyàn léṣe jù. Bí ìwé kóòtù bá dé, ẹ má sọ ọ́ sábẹ́ ẹní pé gbèsè ti kọjá àkókò. Adájọ́ ò ní bá yín ka ọdún. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú èsì yín pé àkókò ti kọjá. Ẹni tí kò bá fèsì, wọ́n lè dá a lẹ́bi bí gbèsè rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ ti ogún ọdún. Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí ọ́fíìsì Lígà Éèdì Káńsù ní Àkúrẹ́. Kó mú ìwé náà lọ kí ọjọ́ tí kóòtù dá fún èsì tó pé, kó sì kó gbogbo rìsíìtì àtijọ́ dání, títí kan èyí tí eku ti jẹ létí.