Ẹnìkan ni kí ẹ ṣílẹ̀kùn fún: adènà ìpolówó àti ojú ìwé ìsanwó

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni ẹ ti fi adènà ìpolówó sínú aṣàwárí ayélujára yín, ẹ sì ṣe dáadáa. Síbẹ̀, ó lè ṣẹlẹ̀ pé kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìsanwó, kí ó má dáhùn; tàbí kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín bó ti yẹ, kí ìkànnì náà sì dá yín padà sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yọ adènà náà kúrò pátápátá nígbà náà, wọn kì í sì í rántí dá a padà mọ́. Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ń fà á. Bí ẹ bá ṣí ọjà kan tí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ń jẹ́ `oja.example`, ojú ìwé náà yóò ránṣẹ́ sí àwọn àdírẹ́ẹ̀sì mìíràn: ọ̀kan fún ìpolówó, ọ̀kan láti ka iye àlejò, ọ̀kan fún owó sísan. Adènà bí uBlock Origin a máa lo àkójọ òfin, irú EasyList àti EasyPrivacy, láti mọ èwo ni ti ìpolówó tàbí ti ìtọpinpin. Èyí tí ó bá bá àkójọ náà mu, a dí i. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó kọ́ ìkànnì náà ti so bọ́tìnnì ìsanwó mọ́ ètò tí ń ka àlejò. Bí a bá ti dí ètò yẹn, bọ́tìnnì náà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Ká ní aṣọ òkè ni ẹ ń rà ní `oja.example`, tí owó rẹ̀ jẹ́ fáráǹkì 15 000, tí bọ́tìnnì sì dákẹ́. Ẹ má ṣe tún un tẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo àkáǹtì yín, ní báǹkì tàbí lórí tẹlifóònù, bóyá owó ti jáde. Bí ó bá ti jáde, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀yin àti ọlọ́jà. Bí ẹ bá tún un tẹ̀, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì.

Bí owó kò bá tíì jáde, ẹ ka àdírẹ́ẹ̀sì náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí ìkànnì olè pàápàá lè ní kí ẹ pa adènà yín. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àmì uBlock Origin, asà pupa kékeré tí ó wà lókè aṣàwárí. Lórí Firefox ti tẹlifóònù Android, inú àkójọ àṣàyàn ni ẹ ti máa rí i, lábẹ́ Extensions. Bọ́tìnnì ńlá kan yóò hàn, tí ó dà bí èyí tí a fi ń tan ẹ̀rọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì tún ojú ìwé náà ṣí. Bí ẹ kò bá tún un ṣí, kò sí ohun tí yóò yí padà.

Ẹ̀yin kò pa adènà náà. Ìkànnì yẹn nìkan ni ẹ gbà láàyè, bí oníbodè tí ó jẹ́ kí ẹnìkan tí a mọ̀ kọjá. Gbogbo ìkànnì yòókù ṣì wà lábẹ́ ìṣọ́.

Àyè náà ní ààlà. Àdírẹ́ẹ̀sì tí ó wà lókè ojú ìwé ni adènà ń wò. Bí fèrèsé ìsanwó bá ṣí sínú ojú ìwé `oja.example` fúnra rẹ̀, àyè tí ẹ fún un kàn án. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé yín lọ sí `sanwo.example`, adènà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ní láti yẹ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun náà wò kí ẹ tó gbà á láàyè. Bákan náà ni ìwọlé: àyè tí ẹ fún `www.oja.example` kò dé `akanti.oja.example`.

Ní ìkànnì tí ẹ gbà láàyè, gbogbo ìpolówó àti ìtọpinpin ibẹ̀ yóò padà wá. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sanwó tán, ẹ tún bọ́tìnnì ńlá náà tẹ̀ kí ìṣọ́ lè padà. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ ṣí ojú ìwé ètò uBlock Origin, kí ẹ lọ sí `Trusted sites`, kí ẹ pa orúkọ ìkànnì náà rẹ́, kí ẹ sì tẹ `Apply changes`. 

Bí ẹ bá gba ìkànnì láàyè, tí ẹ tún un ṣí, tí kò sì yí padà, adènà kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ dá ìṣọ́ padà lójú ẹsẹ̀. Lórí Firefox, ẹ wo àmì asà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì, nítorí aṣàwárí náà ní ìṣọ́ tirẹ̀ tí a lè dá dúró fún ìkànnì kan ṣoṣo. Bí ìyẹn náà kò bá yanjú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àléébù náà wà lọ́wọ́ ìkànnì fúnra rẹ̀. Ọlọ́jà ni kí ẹ kọ̀wé sí.