Ojú Ìwé Ìdílé: Lẹ́tà Mẹ́rin, Ìwé Ìrìn Àjò Kan

Ìyá kan ní Abẹ́òkúta bi wá léèrè ohun tí òun yóò ṣe sí àwọn lẹ́tà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀ láti ìlú Líìdì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti bàbá ilé ń lọ síbi ìrìbọmi ọmọ-ọmọ wọn, tí a óò ṣe ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ọmọ náà ti san owó ohun gbogbo. Lẹ́tà méjì wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ òfúrufú, ọ̀kan láti ilé ìtura kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan sì jẹ́ ti ọkọ̀ ojú irin. Gbogbo wọn gùn, wọ́n kún fún ìpolówó, kò sì sí èyí tí ó mọ̀ pé èkejì wà láyé. Ìyá ní òun kò mọ èyí tí òun yóò ṣí bí òṣìṣẹ́ kan bá dúró níwájú òun.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ìyá wa, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí a fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́. Lẹ́tà méjèèjì ti ọkọ̀ òfúrufú ní àmì kan náà, K7RW2M. Ṣùgbọ́n ti ìṣáájú wí pé ọkọ̀ yóò gbéra ní 23:50, èkejì tí ó dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ wí pé 22:45. Kì í ṣe ìrìn àjò méjì. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti yí àkókò padà ni, èyí tí ó dé kẹ́yìn ni ó sì borí. Bí ẹ bá kọ wákàtí inú lẹ́tà àtijọ́, ẹ ó dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ti pa tábìlì ìgbẹrù dé, nítorí lẹ́tà náà wí pé wákàtí kan kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń pa á dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe to ìwé yín bí àwọn lẹ́tà ti dé. Ibi tí ara yín yóò wà lójoojúmọ́ ni kí ẹ tẹ̀lé. Wákàtí tí ó wà nínú lẹ́tà jẹ́ ti ìlú tí nǹkan náà yóò ti ṣẹlẹ̀: 22:45, èyí tí í ṣe agogo 10:45 alẹ́, jẹ́ ti Èkó, 05:15 tí ẹ ó gúnlẹ̀ jẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 05:15 náà ni wọ́n kọ +1 kékeré kan sí, tí ojú tètè ń fò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni yóò mọ́ bá yín níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ gbéra ní Ọjọ́ Ẹtì, ẹ sì dé ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ kíyè sí jùlọ ni àárín lẹ́tà kan sí èkejì. Lẹ́tà ọlọ́kọ̀ parí sí 5:15 òwúrọ̀. Ti ilé ìtura bẹ̀rẹ̀ ní 15:00, agogo mẹ́ta ọ̀sán. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí lẹ́tà tí ó sọ ibi tí àgbàlagbà méjì tí kò sùn dáadáa yóò jókòó sí láàárín wákàtí bí mẹ́wàá. Ìwé tiyín gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Báyìí ni a ṣe bá wọn kọ ọjọ́ náà:

ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA, 24 OṢÙ KẸWÀÁ (agogo Lọ́ńdọ̀nù)
5:15 òwúrọ̀: A gúnlẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú LHR. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà àbájáde.
7:30: Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìlà Piccadilly, tààrà dé Kings Cross, ó tó wákàtí kan.
9:00: Ilé ìtura. A fi ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn; a ti bèèrè ṣáájú, wọ́n sì gbà. A lọ sinmi nílé ọmọ ẹ̀gbọ́n.
3:00 ọ̀sán: Yàrá ṣí. Orúkọ ọmọ wa ni wọ́n fi gbà á, kì í ṣe tiwa.
Ẹni tí a óò pè: ọmọ ẹ̀gbọ́n, ilé ìtura.

Ẹ má fo ìlà orúkọ yẹn. Ẹni tí ó sanwó ni ilé ìtura sábà máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀, bí ẹ bá sì dárúkọ ara yín, wọn lè wí pé àwọn kò rí yín.

Ní ti àwọn àmì, ìlẹ̀kùn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣí ni kí ẹ kọ mọ́ ọn. Àmì oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́fà, K7RW2M, tí lẹ́tà pè ní Booking reference, jẹ́ ti bàbá àti ìyá pọ̀, lílọ àti bíbọ̀. Òun pẹ̀lú orúkọ ìdílé ni ẹ ó sọ fún ọlọ́kọ̀. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, oníye mẹ́tàlá, jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé alágbàtà ni ó gba àyè náà, ó lè ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ rárá. Ẹni tí ó bá sì mọ àmì mẹ́fà náà àti orúkọ ìdílé yín lè ṣí ìwé ìrìn àjò yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì máa fọwọ́ kan ohun inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í sí ẹgbẹ́ ìjọ lórí Wátsáàpù, bí ó ti wù kí ayọ̀ pọ̀ tó.

Nọ́ńbà ìpè pẹ̀lú nílò àtúnṣe. Èyí tí a kọ bí ẹni pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a wà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi +44 rọ́pò rẹ̀. Ti 0800 tí wọ́n ní kò gba owó kì í sábà dáhùn láti òkèèrè, nítorí náà ẹ wá òmíràn. Ẹnì kan tàbí méjì tó lọ́jọ́ kan, àwọn tí yóò jí ní wákàtí tí ẹ lè nílò wọn. Ọ́fíìsì alágbàtà kò wúlò lóru Ọjọ́ Ẹtì.

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Láti Àìkú ìkẹyìn oṣù kẹta títí di Àìkú ìkẹyìn oṣù kẹwàá, agogo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ti Nàìjíríà dọ́gba. Ní agogo méjì òru ọjọ́ 25 yìí gan-an ni wọn yóò dá a padà sí agogo kan. Fóònù yóò yí ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n aago ọwọ́ bàbá kò ní yí. Ọkọ̀ ojú irin lọ sí Líìdì ń gbéra ní 11:15, ó sì ń dé ní 13:33. Bí bàbá bá gbàgbé, yóò kàn dé ibùdókọ̀ ṣáájú wákàtí kan, kò sí ewu. Ní oṣù kẹta ni ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ń pa ènìyàn lára, nítorí tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ Advance sí kò wúlò fún ọkọ̀ mìíràn ju èyí tí a yàn lọ. Ẹ kọ ọ́ sí orí ojú ewé Ọjọ́ Àìkú pé: “Aago padà sẹ́yìn lóru àná.” Kí àwọn ará ilé ní Abẹ́òkúta sì mọ̀ pé, bí wọ́n bá pè ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ tiwọn, agogo márùn-ún ni lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ń jí.

Ọjọ́ bíbọ̀, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 oṣù kọkànlá, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ kúrò ní LHR ní 10:55 òwúrọ̀ agogo Lọ́ńdọ̀nù, ó dé Ìkẹjà ní 6:25 ìrọ̀lẹ́ agogo Èkó. Ó dàbí wákàtí méje àbọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́fà àbọ̀ ni. Agogo ni ó fi ọ̀kan kún un. Nọ́ńbà awakọ̀ tí yóò pàdé yín ni kí ẹ kọ sí abẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì sọ 6:25 fún un, kì í ṣe 5:25.