Gíráǹtì kì í ṣe owó ìtọrẹ: ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù wa sọ̀rọ̀ bíi ti ọlọ́jà

Ọ̀rọ̀ gíráǹtì tí àwọn èèyàn wa ní Jọ́ọ̀sì àti ní gbogbo òkè ọya ń fìbínú sọ ló mú wa kọ èyí. Gbogbo ìgbà tí fọ́ọ̀mù bá jáde, a ó sáré lọ sí káfé, ọmọ ibẹ̀ á bá wa kọ ọ́, a ó san owó rẹ̀, a kò sì ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Lẹ́yìn náà la ó wá máa sọ pé nítorí pé a jẹ́ Yorùbá ni wọn ò ṣe fún wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, a ó dé ibẹ̀. Àmọ́ a ti ka púpọ̀ nínú àwọn fọ́ọ̀mù yìí, èrò tiwa ni pé ohun tí a kọ sínú wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n wò wá lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù: àlàyé iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, tábìlì owó, àti èrè tí a ń retí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹni tó ń kà á kò mọ̀ wá rí, ohun tó bá rí nínú ìwé nìkan ni yóò fi dá wa lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ògì ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ káfé á kọ fún un pé: “Mo fẹ́ kí bísínẹ́ẹ̀sì mi gbòòrò, kí n sì ran àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ lọ́wọ́.” Ẹni tó ń ta bàtà lè kọ ọ́, ẹni tó ń ṣe irun náà lè kọ ọ́. Kò sí ògì níbẹ̀ rárá.

Tí a bá bi ìyá yẹn fúnra rẹ̀ léèrè ní Yorùbá, ohun tó máa sọ yàtọ̀. Á ní: “Múdù àgbàdo 20 ni mò ń rẹ lójúmọ́. Náírà 200 ni mò ń san láti lọ múdù kan. Aago márùn-ún ìdájí ni mo ti ń tò sórí ìlà, ó máa ń di aago mẹ́jọ kí ó tó kàn mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ ata náà ni wọ́n fi ń lọ ògì mi, àwọn oníbàárà a ní ó ń ta lẹ́nu, wọn kì í padà wá mọ́.” Ẹ wò ó, àlàyé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. A ti mọ ohun tó ń ṣe, iye tó ń ṣe, ohun tó ń dí i lọ́wọ́, àti ìdí tó fi nílò ẹ̀rọ tirẹ̀. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí olówò kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá, kí ọmọ tó mọ̀wé wá yí i sí Òyìnbó. Wọ́n lè pè é lórí fóònù láti bi í ní ìbéèrè, tí kò bá mọ ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó kan tábìlì owó. Ká ní náírà 500,000 ni àwọn tó ń fún ni kò ní kọjá. Àpẹẹrẹ ni iye owó tó wà nísàlẹ̀ yìí o, ẹ lọ bèèrè tiyín lọ́jà.

| Ohun tí a fẹ́ rà | Iye | Owó ọ̀kan (₦) | Àpapọ̀ (₦) | Ẹni tí yóò san |
|---|---|---|---|---|
| Ẹ̀rọ ìlọgì pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì | 1 | 320,000 | 320,000 | Gíráǹtì |
| Gbígbé e wá àti sìmẹ́ǹtì ìdí rẹ̀ | 1 | 45,000 | 45,000 | Gíráǹtì |
| Dúrọ́ọ̀mù oníke | 3 | 20,000 | 60,000 | Gíráǹtì |
| Aṣọ ìsẹ́gì, yáàdì | 10 | 2,500 | 25,000 | Gíráǹtì |
| Epo oṣù kìíní, lítà | 40 | 1,000 | 40,000 | Gíráǹtì |
| Àgbàdo, àpò | 2 | 60,000 | 120,000 | Ìyá ológì |
| Owó ṣọ́ọ̀bù oṣù mẹ́fà | 1 | 60,000 | 60,000 | Ìyá ológì |

Gíráǹtì á san 490,000, ìyá á san 180,000, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 670,000. Ẹ kíyè sí i pé 490,000 la bèèrè, kì í ṣe 500,000 géérégé. Tí wọ́n bá ní owó kò ní kọjá iye kan, tí àpapọ̀ wa sì bọ́ sórí iye yẹn gan-an láìṣẹ́kù kọ́bọ̀, ẹni tó ń kà á á rò pé ṣe la ti ẹ̀yìn ṣírò rẹ̀. Owó tí ìyá fẹ́ fi sílẹ̀ náà ṣe pàtàkì, torí ó fi hàn pé òun náà ń ru ẹrù.

Ibi tí a ti máa ń bà á jẹ́ jù ni “oríṣiríṣi, 80,000”. Oríṣiríṣi kí ni? Ọlọ́jà wo ló máa gba irú lísìtì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó rán níṣẹ́? Ibì kejì ni kí ohun kan wà nínú tábìlì tí kò sí nínú àlàyé. A rí tábìlì kan tí kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún sì jẹ́ ẹja díndín! Kí ẹ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ, kó ní déètì, torí iye tí wọ́n dá lóṣù yìí lè yí padà lóṣù tó ń bọ̀.

Ní ti èrè tí a ń retí, ẹ fi ti òní síwájú kí ẹ tó sọ ti ọ̀la. Lónìí, múdù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 26 jẹ́ 520 lóṣù. Tí èrè orí múdù kan bá jẹ́ náírà 300 lẹ́yìn owó ìlọ̀, 156,000 ni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí ẹ̀rọ ti dé, kò tò sórí ìlà mọ́, ó lè ṣe múdù 30, ìyẹn 780 lóṣù. 200 tó ń san fún ìlọ̀ ti wọlé, èrè orí múdù kan ti di 500, àpapọ̀ 390,000. Àmọ́ ẹ dúró ná! Ẹ̀rọ ń mu epo 40,000, ọmọbìnrin kan tó ń bá a sẹ́ ògì ń gba 60,000, irin inú ẹ̀rọ máa ń jẹ, ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ ọ́ìlì, ẹ fi 20,000 sí i. Ohun tó kù jẹ́ 270,000. Ẹni tó bá kọ 390,000 láìyọ ìnáwó kò tíì ní ẹ̀rọ rí, wọ́n á sì mọ̀.

Múdù 30 yẹn náà gbọ́dọ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ta ni yóò ra 10 tó lé? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀: oníbàárà tó ń dé bá ògì tó ti tán, àti àwọn alákàrà tó ń fẹ́ kó máa gbé e wá bá wọn láàárọ̀. Tí kò bá sí irú wọn, ẹ kọ 25. Ẹ sì kọ bí wọ́n ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni: ìwé tó ń kọ títà sí lójoojúmọ́. Tí kò bá ní ìwé bẹ́ẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó tó di pé fọ́ọ̀mù mìíràn jáde.

Ọ̀rọ̀ ìlú tí a wà ló kù. Gíráǹtì tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ tàbí ti lókà lè béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ ra ayédèrú. Ẹ ka òfin rẹ̀ kí ẹ tó náwó sí káfé. Ti àjọ aládàáni kò rí bẹ́ẹ̀. Tony Elumelu Foundation, tó ń fún àwọn tó bá yege ní dọ́là 5,000, ń gba ọmọ Áfíríkà láti ibi gbogbo, bí òwò náà kò bá tíì ju ọdún márùn-ún lọ. Ìyá ológì wa tó ti ń ṣe é láti ogún ọdún kò lè bọ́ sí ti Elumelu, àmọ́ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ dá tirẹ̀ sílẹ̀ lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ tirẹ̀ tán, kó mú un wá sí ìpàdé ọjọ́ Àìkú. A ó jọ fi káńkùlétọ̀ ṣí i yẹ̀wò, láti orí ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.