Ọdún Márùn-ún Tí Wọ́n Ń Fi Pamọ́ Nínú Ìwé Ìwáṣẹ́

Láti Màpó títí dé Ọjà'ba, wọ́n máa ń yin ọmọ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá tọ́jú ìyá rẹ̀ nínú agbo ilé. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé ní Bẹẹrẹ, tó fẹ́ ṣe ìwé ìwáṣẹ́, ohun tí gbogbo ilé fi ń yìn ín gan-an ló máa kọ́kọ́ fi pamọ́.

Ká fi obìnrin kan ní Bẹyẹrúnkà ṣe àpẹẹrẹ. Láti 2011 títí di 2018, ó jẹ́ akọ̀wé ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí ìyá náà fi jáde láyé ní 2023. Láti 2021, ó tún ń bá oníṣòwò aṣọ kan ní Ọjà'ba ṣe ìwé owó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí irú obìnrin yìí sábà máa ń gbà ni pé kó na ọdún iṣẹ́ rẹ̀ títí dé 2023, tàbí kó hùmọ̀ ilé iṣẹ́ kan kó sì fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ìmọ̀ràn burúkú ni méjèèjì. Bí agbanisíṣẹ́ tuntun bá kọ̀wé sí ti àtijọ́, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde ni wọ́n máa dá padà. Àkọsílẹ̀ owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ pẹ̀lú yóò fi oṣù tí owó dúró hàn kedere. Bí irọ́ náà bá tú, ọdún méje tó fi òótọ́ ṣiṣẹ́ yóò di ohun tí wọ́n ń fura sí. Bó bá sì kàn fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, ẹni tó ń kà á ló máa fi èrò ti ara rẹ̀ dí i: bóyá wọ́n lé e ni, bóyá ó jalè ni.

Àwọn ìlà mélòó kan tó máa ń wà lókè ìwé náà, níbi téèyàn ti ń ṣe àkópọ̀ ara rẹ̀, ló yẹ kó ti sọ ọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí:

«Akọ̀wé ìṣirò owó tó ní ìrírí ọdún méje nídìí owó oṣù òṣìṣẹ́ àti gbèsè oníbàárà. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti 2018 sí 2023 láti tọ́jú òbí mi. Ìtọ́jú náà ti parí. Láti 2021 ni mo ti ń ṣe ìwé owó ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà'ba, ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Mo ti ṣe tán láti máa wá síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́.»

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣíwájú, kì í ṣe ìtọ́jú. Gbólóhùn méjì péré ni ìtọ́jú gbà, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ nínú wọn. Èyí tó wúlò jù níbẹ̀ ni «ìtọ́jú náà ti parí», nítorí ohun tó ń ba agbanisíṣẹ́ lẹ́rù ni pé obìnrin náà lè tún lọ ní oṣù kẹta. Ká ní ìyá ṣì wà láyé ni, ètò tó wà nílẹ̀ ni ì bá kọ: àbúrò rẹ̀ ló wà pẹ̀lú wọn lọ́sàn-án. Orúkọ àìsàn kò sí níbẹ̀, torí àṣírí ìyá nìyẹn. Kò pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, nítorí kò kọ́ ọ. Kò sì pe ara rẹ̀ ní «ọ̀gá àgbà ilé», irú àwàdà tí àwọn kan ti ń kọ báyìí bí ẹni pé ìtọ́jú ìyá kò níyì àfi bí wọ́n bá wọ kóòtù fún un. Ìrọ̀lẹ́ méjì náà, bó ṣe mọ ló ṣe sọ ọ́.

Nísàlẹ̀, láàárín àwọn iṣẹ́ tó ti ṣe, kó fi ìlà kan sí i: 2018 sí 2023, ìtọ́jú òbí. Àwọn tó ń lo LinkedIn ti ní àyè fún un láti oṣù kẹta ọdún 2022: `Career break` ni wọ́n pè é, `Caregiving` sì wà lára ìdí téèyàn lè mú níbẹ̀.

Òótọ́ ni pé àwọn kan yóò ṣì ju ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìpolówó iṣẹ́ tó bá sì ti fi gbèdéke sí ọjọ́ orí, kò sí gbólóhùn tó lè mú un tẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n bá ti pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bi í léèrè pẹ́. Ohun tó yí padà nídìí iṣẹ́ ìṣirò nígbà tí kò sí níbẹ̀ ni. Ní 2018 tó lọ, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní fáàtì. Láti oṣù kejì ọdún 2020, ó di 7.5. Owó oṣù tó kéré jù, tó jẹ́ ₦18,000 nígbà náà, di ₦30,000 ní 2019, ó sì di ₦70,000 ní 2024. Kó lọ mọ ìwọ̀nyí kó tó wọ yàrá náà.