Ẹ Gé Wáyà Náà sí Wẹ́wẹ́

Mi ò fara mọ́ ọn pé ká kàn fi búrọ́ọ̀ṣì nu wáyà iná kúrò nínú fọ́tò ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Àpá ló máa ń fi sílẹ̀. Ẹ wo fọ́tò Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ tí mo tún ṣe: wáyà gba ojú ọ̀run, ó tún dábùú fèrèsé.

Nínú Photoshop, mo fi Polygonal Lasso yí wáyà náà ká ní ègé-ègé, torí ìlà tààrà ló ń fà, bọ́wọ́ tiẹ̀ ń gbọ̀n. Ibi tí ọ̀run ti pàdé ògiri ni kí ègé kan parí sí. Mo wá mú Patch, mo wọ́ ègé ojú ọ̀run sí ibi tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ò le.

Ti ara ilé ló gba sùúrù o! Àjà kan péré ni mo wọ́ ọ sísàlẹ̀, kí fèrèsé lè bá fèrèsé mu. Ẹ má lọ jìnnà, torí àjà òkè máa ń kéré sí i nínú fọ́tò téèyàn yà láti ilẹ̀.

Létí ògiri gan-an, Patch máa ń da àwọ̀ méjèèjì pọ̀ bíi yíǹkì tó rin ìwé. Clone Stamp ni mo lò níbẹ̀, ọ̀run lọ́tọ̀, ògiri lọ́tọ̀. Bẹ́ ẹ bá ṣì rí ìlà tín-ín-rín dúdú, ẹ ti fa ìlà yín mọ́ wáyà jù.