Gbólóhùn Kì í Dá Rìn: Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Òǹkọ̀wé Gba Àbá Ẹ̀rọ Gírámà àti Ìgbà Tí Ó Yẹ Kí Ó Kọ̀ Ọ́

Ní ọdún 1968, ilé-ìtẹ̀wé Yunifásítì Montréal ní Kánádà tẹ ìwé ìtàn-àròsọ kan jáde. Ọmọ Màlìnké láti Côte d'Ivoire ni ó kọ ọ́. Ahmadou Kourouma ni orúkọ òǹkọ̀wé náà, Les Soleils des indépendances sì ni orúkọ ìwé rẹ̀. Àwọn ilé-ìtẹ̀wé ní ilẹ̀ Faransé ti kọ̀ ọ́ kí ó tó dé Kánádà. Ẹ̀bùn tí ìwé àtìgbàdégbà Études françaises fún un ni ó ṣí ọ̀nà fún un. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1970, ni ilé-ìtẹ̀wé Seuil ní Paris wá tẹ̀ ẹ́.

Láti gbólóhùn àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni Kourouma ti lo ọ̀rọ̀-ìṣe finir, tí ó túmọ̀ sí 'parí', fún ikú ènìyàn. Faransé ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ ìlò yìí. Màlìnké ni ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn fún 'parí', ìyẹn ban, jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn ti papò dà. Bákan náà ni ó mú courber, tí ó túmọ̀ sí 'tẹ̀ nǹkan kọ́dọ̀rọ̀', tí ó sì fi àdúrà ṣe àbọ̀ rẹ̀, bí ẹni pé àdúrà gan-an ni ó ń tẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yìn ẹni tí ń gbà á. Lónìí, kò sí olùkọ́ èdè Faransé kan ní Abidjan tí yóò pe ìwọ̀nyí ní àṣìṣe Kourouma. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá tẹ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ gírámà sì fa ìlà sí i nídìí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò gba ẹ̀rí ẹ̀rọ náà láìbi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè kankan. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ wà tí wọ́n ń sọ pé ojú amúnisìn ni ẹ̀rọ náà fi ń wo ọmọ Áfíríkà, pé gbogbo ìlà rẹ̀ ni kí a pa rẹ́. Àwọn ti ìṣáájú gbé iṣẹ́ ìdájọ́ fún ẹ̀rọ. Àwọn ti ìkejì sọ pé kò sí ìdájọ́ láti ṣe. Ìhà méjèèjì ni ó sá fún iṣẹ́ olùkọ́.

Ohun tí ẹ̀rọ náà mọ̀

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ni ó wà, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀. Òfin tí ènìyàn kọ sílẹ̀ ni oríṣi àkọ́kọ́ ń tẹ̀ lé. LanguageTool, tí Daniel Naber gbé kalẹ̀ nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀ ní Yunifásítì Bielefeld ní ọdún 2003, bẹ̀rẹ̀ báyìí: bí ọ̀rọ̀ kan bá tẹ̀ lé òmíràn ní irú ọ̀nà kan tí òfin ti dárúkọ, ẹ̀rọ yóò fa ìlà sí i, yóò sì sọ ìdí. Ẹni tí ó bá ka ìdí náà lè bá a jiyàn.

Oríṣi kejì kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn méjì-méjì ni a fi kọ́ ọ: ọ̀kan bí ẹni tí ń kọ́ èdè ṣe kọ ọ́, èkejì bí alátùn-únṣe ṣe tún un kọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú èyí ni ó fi mọ ohun tí ènìyàn sábà máa ń fi rọ́pò ohun mìíràn. Nítorí náà, bí ó bá dá àbá, ohun tí ó ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ìbá kọ ọ́ báyìí. Kò sọ pé bí a ti kọ ọ́ kò dára. Bí a kò bá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, a ó máa gba ìwọ̀n bí nǹkan ṣe wọ́pọ̀ fún òfin gírámà.

Àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ ewu náà. Ní ìdíje àgbáyé wọn ti ọdún 2014, níbi tí a ti lo àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba ti Singapore, ọ̀nà tí wọ́n fi gba máàkì fún ẹ̀rọ ka pípé àbá sí ìlọ́po méjì ju pípọ̀ rẹ̀ lọ. Ìdí ni pé àtúnṣe tí kò yẹ burú ju àṣìṣe tí a fò lọ. Nígbà tí a sì ní kí ènìyàn mẹ́wàá tún àwọn àròkọ kan náà ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2015, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò kéré. Bí alátùn-únṣe mẹ́wàá kò bá fẹnu kò lórí gbólóhùn kan, àṣẹ wo ni ìlà kan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀rọ̀ lè ní?

Àbùkù kan wà tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí ju ìyókù lọ. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀rọ sábà máa ń dá wò. Ìṣọwọ́lò-èdè kì í gbé inú gbólóhùn kan ṣoṣo. Inú bí gbólóhùn kan ṣe ń dá èkejì lóhùn ni ó ń gbé. Ìdí nìyí tí ohun tó jẹ́ ọnà nínú ìwé fi lè dà bí àbùkù nínú ìlà kan.

Àpẹẹrẹ kan láti Treichville

Ẹ jẹ́ kí a gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan kalẹ̀ nínú àròjinlẹ̀, ọmọ Ejigbo tí òbí rẹ̀ ń gbé Treichville, bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ejigbo ṣe ń gbé Abidjan láti ìran dé ìran. Ó kọ ìpínrọ̀ kan ní Faransé nípa ikú ìyá rẹ̀ àgbà. Ẹ̀rọ fa ìlà márùn-ún sí i.

Ìlà àkọ́kọ́ wà lábẹ́ a, níbi tí ó yẹ kí à wà, ṣáájú orúkọ Treichville. Ìkejì wà lábẹ́ arrive, tí olùwà rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀, tí ó sì yẹ kí ó jẹ́ arrivent. Ìró wọn kò yàtọ̀ létí. Ọwọ́ ni ó ṣì í. Kí ó gba méjèèjì láìjanpata. Kò sí ohùn kankan tí yóò sọnù.

Ìlà kẹta ni ti àwítúnwí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ partie, 'lọ', lẹ́ẹ̀mẹta: ìyá àgbà lọ ní ọjọ́ Ẹtì, ó lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ láìpe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ní kí ó fi décédée rọ́pò ìkejì, kí ó sì fi disparue rọ́pò ìkẹta. Ìtumọ̀ lè dà bí pé kò yí padà, ṣùgbọ́n kí a kà á sókè. 'Lọ' mẹ́ta yẹn ni ẹsẹ̀ tí ìpínrọ̀ náà fi ń rìn, bí ẹni tí ń sunkún ṣe máa ń padà sórí ọ̀rọ̀ kan náà. Décédée jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ àbá yìí.

Ìlà kẹrin wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò kan tí ó pe òkú ní vieille-là, láìfi atọ́ka ṣáájú, pẹ̀lú là lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ará Abidjan ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ̀rọ fẹ́ fi la síwájú, kí ó sì yọ là kúrò. Ẹnu aládùúgbò ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Kò sí ẹni tí ó ní àṣẹ láti tún ẹnu rẹ̀ ṣe. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ohùn asọ̀tàn fúnra rẹ̀, tí ó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹjọ́ náà yí padà: ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó yọ́ wọlé ni.

Ìlà karùn-ún ni ó léwu jù, nítorí pé ó dára lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn kúkúrú méjì: òjò ń rọ̀, ẹnikẹ́ni kò dá iná. Ẹ̀rọ so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú parce que, 'nítorí pé', ó wá di pé ẹnikẹ́ni kò dá iná nítorí pé òjò ń rọ̀. Gírámà rẹ̀ pé, ó sì já geere. Irọ́ ni. Òjò kọ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n dáná, ọ̀fọ̀ ni. Òǹkọ̀wé fi àlàfo sílẹ̀ kí òǹkàwé lè fi ojú ara rẹ̀ rí ìdí náà. Ẹ̀rọ sì fi ìdí tí kò sí dí àlàfo náà.

Nínú àbá márùn-ún, méjì ni ó yẹ ní gbígbà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó tó láti fi dá wọn mọ̀. Bí òǹkọ̀wé bá gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ṣé yóò sọ pé kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ kọ nìyẹn? Ṣé ohun tí a fa ìlà sí tún yọjú níbòmíràn nínú iṣẹ́ náà, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà níbẹ̀? Bí a bá gba àbá náà, kí ni yóò yàtọ̀ nípa ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, tàbí ìdí tó fi ṣẹlẹ̀? Ẹni tí kò bá lè fi gbólóhùn kan péré dáhùn ìbéèrè kẹta kò tíì ní ẹ̀tọ́ láti kọ àbá náà.

Àwáwí ìṣọwọ́lò-èdè

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí kan àwọn tí ó ń pa gbogbo ìlà rẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ ìyàtọ̀ a àti à kò lè pe àìmọ̀ rẹ̀ ní ọnà. Olùkọ́ lè ní kí ó kọ gbólóhùn náà bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe fẹ́. Bí ó bá kọ ọ́ dáadáa, tí ó sì tún yan èyí tó kọ tẹ́lẹ̀, a mọ̀ pé ó yàn án ni. Àwọn kan yóò wí pé ìdánwò yìí ìbá ti lé Amos Tutuola dànù. Ìdánwò kíláàsì ni, kì í ṣe ìdánwò ilé-ìtẹ̀wé. Nígbà tí Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, wọ́n tẹ àwòrán ojú-ewé kan láti inú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe, wọ́n sì fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé náà látòkèdélẹ̀ ni ó jẹ́rìí fún un, nítorí pé ohùn kan náà ni ó ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Kourouma pẹ̀lú kò kọ gbogbo àbá. Kí ìwé rẹ̀ tó jáde ní Montréal, ó gbà kí a gé apá tí ó pọ̀ kúrò lára rẹ̀, níbi tí ìtàn náà ti di ìròyìn ìṣèlú. Finir àti courber ṣì wà nínú ìwé náà. Ó mọ èyí tó jẹ́ ẹran ara ìwé àti èyí tó jẹ́ ẹrù tí ìwé ń rù.

Yorùbá ní ọba kì í kú, ọba a máa wàjà ni. Bí ẹ̀rọ bá wí pé 'kú' wọ́pọ̀ ju 'wàjà' lọ, òótọ́ ni ó sọ, kò sì wúlò fún ẹni tí ń kọ ìtàn ọba. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyí: kí ó kó àbá ẹ̀rọ wá pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo èyí tí ó kọ̀, kí ó sì kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo àbá ìṣọwọ́lò-èdè tí ó gbà. Máàkì yóò wà fún ìdí náà. Olùkọ́ tí kò bá ní àkókò láti ka ìdí wọ̀nyẹn, kí ó má fi ìlà ẹ̀rọ yọ máàkì ọmọ ọlọ́mọ.