Àkọlé Tó Ń Pè Wá Wọlé, Tó Tún Ń Lé Wa Jáde

Àwa ọ̀dọ́ Yorùbá tá a dàgbà ní Woolwich àti Thamesmead mọ irú àkọlé fídíò kan dáadáa: lẹ́tà ńláńlá, ojú tó ranjú, àti ọ̀rọ̀ bíi "ÀDÚGBÒ TÓ LÉWU JÙ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ". Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé ẹnì kan ló kàn ń rìn yí adágún omi Southmere ká, tó ń ya pẹ́pẹ́yẹ. Ohun tó dùn wá ni pé àwọn kan lára wa náà ti ń kọ irú rẹ̀. Èrò wa ni pé ó ń ba orúkọ ibi tí àwọn òbí wa ń gbé jẹ́, kò sì mú èrè wá fún ẹni tó kọ ọ́.

Nígbà kan, iye ìgbà tí àwọn èèyàn ṣí fídíò ni YouTube ń wò jù kó tó gbé e síwájú àwọn ẹlòmíì. Lọ́dún 2012, ó yí i padà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò tí wọ́n fi wò ó sí jù. Láti ìgbà náà, ẹni tó tẹ fídíò yín tó sì sá jáde kò ṣe yín láǹfààní púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi fídíò kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní a ya fídíò oníṣẹ́jú mẹ́jọ nípa ibi tí Stanley Kubrick ti ya apá kan fíìmù A Clockwork Orange, tó jáde lọ́dún 1971. Etí Southmere ló ti ya ibi tí Alex ti ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sínú omi. Wọ́n ti wó àwọn ilé Binsey Walk tó wà níbẹ̀ nígbà náà, àmọ́ adágún náà ṣì wà.

Àkọlé mẹ́ta la lè fún un. Èkíní ni "ÀDÚGBÒ TÓ LÉWU JÙ NÍ LỌ́ŃDỌ̀NÙ". Èkejì ni "Ìrìn wa sí Southmere". Ẹ̀kẹta ni "Ibi tí Kubrick ti ya fíìmù ní Thamesmead: kí ló ṣẹ́ kù?"

Ká wá ṣírò rẹ̀ bí àpẹẹrẹ lásán, ká ní àkọlé kọ̀ọ̀kan hàn sí ẹgbẹ̀rún kan èèyàn. Ọgọ́rùn-ún tẹ èkíní, ṣùgbọ́n ìjà ni wọ́n bá wá, torí náà ẹnì kọ̀ọ̀kan wo ogójì ìṣẹ́jú àáyá péré. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 67. Èèyàn 15 tẹ èkejì, wọ́n wo ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 75. Àádọ́ta tẹ ẹ̀kẹta, wọ́n wo ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, ó di ìṣẹ́jú 200. Àkọlé èkejì kò purọ́, àmọ́ kò fún àlejò ní ìdí kankan láti wọlé. Ẹ̀kẹta béèrè ohun téèyàn fẹ́ mọ̀, fídíò náà sì dáhùn rẹ̀.

Ibo lẹ ti máa mọ èyí tí tiyín jẹ́? Nínú YouTube Studio, ẹ wo "Impressions click-through rate", tó ń sọ iye èèyàn tó tẹ̀ ẹ́ nínú àwọn tó rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye àwọn tó ṣì ń wò ó ní ìṣẹ́jú àáyá 30. Tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ bá pọ̀, tí ìlà ìwòran sì já wálẹ̀ bí òkúta kí àáyá 30 tó pé, ó ṣeé ṣe kí àkọlé ti ṣèlérí ohun tí kò sí nínú fídíò. Tí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ bá kéré, tí àwọn tó wọlé sì ń pẹ́, àkọlé tàbí àwòrán iwájú ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ má kàn fi ìtẹ̀ bíi mélòó kan dájọ́. Iye yìí tún sábà máa ń wálẹ̀ tí fídíò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ yín rí, láìjẹ́ pé àkọlé bà jẹ́.

Nígbà míì, àkọlé kò lẹ́bi. Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ló ń fi àkókò ṣòfò. Tí àkọlé bá béèrè ohun tó ṣẹ́ kù, ẹ fi adágún náà hàn ní àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ìkíni àti "ẹ bá wa tẹ bọ́tìnì" tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè fi ìtàn bí wọ́n ṣe wó Binsey Walk pa mọ́ di iwájú. Kéèyàn fi ìdáhùn pa mọ́ díẹ̀ kì í ṣe irọ́, tí ìdáhùn náà bá sáà wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Lórí YouTube, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ti tó. Olùwòran á ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ burúkú tá a fún Thamesmead á ṣì wà lójú ìwé, níbi tí àbúrò wa tó ń wá iṣẹ́ ti kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀.